Níbi Òkìtì Ni Màmá Mi Máa Ń Bọ́ Sílẹ̀

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti òṣùká màmá mi fún yín, nítorí òun ló yẹ kó là mí lójú, tí ojú mi kò sì là. Aṣọ funfun kan tó ti gbó ló ká pọ̀, tó fi òwú rán etí rẹ̀ mọ́ra. Ní gbogbo ọjọ́ ọjà, á gbé e lé orí apẹ̀rẹ̀ tòmáàtì rẹ̀, á bá lọ́rì lọ sí Ìwó. Tó bá dé, òṣùká náà á ṣì funfun bó ṣe funfun nígbà tó ń lọ. Tèmi tí mo fi ń pọnmi, kò pé ọ̀sẹ̀ kan tó fi dà bí àkísà tí mẹkáníìkì fi nu ọwọ́. Mo bi í lọ́jọ́ kan pé, "Màámi, kí lẹ fi ń fọ òṣùká yín?"

Ó ní, "Ìmọ́tótó ni, ọmọ mi."

Mo gbà bẹ́ẹ̀. Mo tilẹ̀ ń fi í yangàn fún àwọn ará ilé pé màmá mi gbé ẹrù lọ́jà títí, kò dọ̀tí.

Abúlé wa kò jìnnà sí Olúpọ̀nnà. Màmá mi ló ń gbin tòmáàtì sí ẹ̀bá odò, òun náà ló ń gbé e lọ sọ́jà. Èmi ní tèmi, Ìbàdàn ni mo ti lọ kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán, mo sì pẹ́ níbẹ̀ kí n tó gbé máṣíìnì mi padà wálé. Ẹ mọ bí ẹni tó bá ti Ìbàdàn dé abúlé ṣe máa ń rí. Kò sí ohun tí mi ò mọ̀ lọ́dún náà. Mo mọ bó ṣe yẹ kí wọ́n máa to ebè, mo mọ bó ṣe yẹ kí wọ́n máa se ọbẹ̀, mo sì mọ̀ dájú pé màmá mi kò mọ ibi tó yẹ kó máa bọ́ sílẹ̀ lọ́jà.

Ọ̀rọ̀ ibi bíbọ́ sílẹ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré fún ẹni tó bá ń kó ẹrù. Lọ́rì kan ló ń gbé gbogbo wa ní agbègbè náà lọ́jọ́ ọjà, ibi mẹ́ta ló sì lè já ẹrù sí. Àkọ́kọ́ ni òkìtì kan ní ìta ìlú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ti ń la gẹdú, níbi tí kátapílà kó yẹ̀pẹ̀ pupa jọ sí nígbà tí wọ́n ń ṣe ọ̀nà, tí ẹnikẹ́ni kò sì kó o kúrò mọ́. Ìkejì ni ẹnu ọjà gan-an. Ìkẹta ni gáréèjì, tó kọjá ọjà díẹ̀, níbi tí lọ́rì máa ń sùn sí títí di ìrọ̀lẹ́. Ẹnu ọjà ni gbogbo èèyàn ń fẹ́, nítorí ibẹ̀ ni àwọn olùrà ń dúró sí. Gáréèjì ni ọ̀pọ̀ ń bọ́ sí, nítorí ibẹ̀ ni awakọ̀ ń fẹ́, wọ́n á wá fi owó bẹ alábàárù kó bá wọn ru ẹrù padà sọ́jà. Ta ló ń bọ́ sí òkìtì? Màmá mi nìkan ṣoṣo.

Àwọn èrò ọkọ̀ a máa káàánú rẹ̀. Ìyá kan wà tó ń ta gàrí, tí ohùn rẹ̀ dún ju fèrè lọ́rì lọ. Òun ló máa ń sọ fún mi pé, "Ìyá ẹ mà ń jìyà o. Láti òkìtì dé inú ọjà! Tó bá fi orí ru apẹ̀rẹ̀ méjìlá, ìrìn ẹ̀ẹ̀melòó nìyẹn?" Inú á bí mi. Mo ti bá màmá mi sọ ọ́ títí. Ẹ̀rín ló máa ń fi dá mi lóhùn. Ó ní orúnkún òun ni, pé ẹ̀yìn lọ́rì àti orí òkìtì dọ́gba, òun kò ní láti fò bọ́ sílẹ̀. Mo ní orúnkún tí kò lè fò, ṣé òun náà ló wá ń rìn láti ìta ìlú dé inú ọjà pẹ̀lú ẹrù lórí? Ó tún rẹ́rìn-ín. Ohun kan tún wà tó yẹ kí n fura sí: àwọn yòókù, alẹ́ ni wọ́n ń dé láti ọjà. Màmá mi, kí oòrùn tó kàntàrí, ọ̀kadà á ti gbé e délé, á ti wẹ̀, á ti máa jẹ ẹ̀kọ. Mo ní ẹsẹ̀ rẹ̀ ló yá.

Ọdún tí mo ń wí yìí, orúnkún náà wú lóòótọ́. Ó wú tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi lè gun lọ́rì. Tòmáàtì sì ti pọ́n. Òjò ti dá ọjà ìṣáájú dúró, a kò rí ẹrù gbé lọ, nítorí náà ohun tó wà nínú apẹ̀rẹ̀ méjìlá náà ti pọ́n kọjá ààlà. Tí kò bá tà lọ́jọ́ yẹn, ọjọ́ kejì omi ọbẹ̀ ni. Iṣẹ́ oṣù mẹ́ta màmá mi ló wà nínú apẹ̀rẹ̀ yẹn, ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí pé láàárọ̀ náà kò rẹ́rìn-ín. Ó fi ọwọ́ kan tòmáàtì kọ̀ọ̀kan tó wà lókè bí ẹni ń yẹ ara ọmọ wò bóyá ó gbóná.

Ó pè mí sí ẹ̀gbẹ́ kan, níbi tí àwọn tó ń dúró de lọ́rì kò ti lè gbọ́. Ó gbé òṣùká lé mi lọ́wọ́. Ó ní, "Jẹ́ kí gbogbo èèyàn kó ẹrù tiwọn sínú ọkọ̀ tán kí o tó kó tiwa. Níbi òkìtì ni kí o bọ́ sí. Tí o bá bọ́ sílẹ̀, jókòó ti ẹrù ẹ, má lọ síbì kankan."

Mo ní, "Kí n jókòó? Ta ló máa wá gbé e wọjà?"

Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ìyá onígàrí ti ń na ọrùn. Ó ní, "Ṣáà ṣe bí mo ṣe wí. Tó o bá débẹ̀, wàá rí i."

Mo dọ̀bálẹ̀... rárá, obìnrin ni mí, mo kúnlẹ̀. Inú mi ló ń dùn débi tí mi ò fi mọ ohun tí mò ń wí. Mo ní, "Mo gbọ́ mà." Lọ́kàn mi, mi ò gbọ́ nǹkan kan. Ohun tí mo ń rò ni pé lónìí, Ọlọ́run ló fún mi ní àǹfààní láti fi han gbogbo abúlé bí wọ́n ṣe ń gbé tòmáàtì lọ sọ́jà. Ẹnu ọjà! Ẹnu ọjà ni mo máa bọ́ sí, bí oníṣòwò gidi. Kí aago mẹ́wàá tó lù, mo ti tà á tán. Màmá mi á wá sọ pé, "Kí ló dé tí mi ò ti rán ọmọ yìí lọ tẹ́lẹ̀?" Bí mo ṣe ń rò ó, ẹsẹ̀ mi ń jó fúnra rẹ̀.

Lọ́rì dé. Awakọ̀ rẹ̀ jẹ́ ọkùnrin kan tó sanra, tó máa ń wọ ṣòkòtò fífún. Ẹni tó ń bá a to ẹrù kì í ṣe ọmọdé bí ti àwọn ọkọ̀ yòókù. Bàbá arúgbó kan ni, irùngbọ̀n rẹ̀ funfun báláú, gbogbo wa ń pè é ní Bàbá Ọmọ-Mọ́tò. Ó ju awakọ̀ lọ lọ́jọ́ orí tó bẹ́ẹ̀ tí awakọ̀ fi máa ń dọ̀bálẹ̀ kí i láàárọ̀, kó tó wá máa pàṣẹ fún un.

Bí wọ́n ṣe ṣí ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn lọ́rì, èmi ni mo kọ́kọ́ gbé apẹ̀rẹ̀. Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ gba tèmi!"

Bàbá wò mí. "Ìyá ẹ kì í kọ́kọ́ kó tiẹ̀."

Mo ní, "Èmi kọ́ ni ìyá mi."

Ó ní, "Òótọ́ nìyẹn." Ó gba apẹ̀rẹ̀ mi méjèèjìlá, ó tò wọ́n sí iwájú pátápátá, lẹ́yìn orí awakọ̀. Ó fi pákó dábùú òkè wọn kí ẹrù ẹlòmíràn má bàa tẹ̀ wọ́n, ohun tó sì ṣe yẹn dáa, mo dúpẹ́. Lẹ́yìn náà ni àpò gàrí wọlé. Àpò èlùbọ́ tẹ̀ lé e. Iṣu wọlé. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wọlé, ìdì mọ́kànlá. Ewúrẹ́ kan wọlé, kò sí ẹni tó mọ ẹni tó ni ín. Èmi ti jókòó sórí àpò kan tó ṣẹ́kù lẹ́nu ìlẹ̀kùn, mò ń fi òṣùká fẹ́ ara mi bí ìyàwó olówó. Ìyá onígàrí wò mí, ó ní, "Ọmọ yìí kánjú ju ìyá rẹ̀ lọ." Mo rò pé ìyìn ni.

A gbéra. Ojú ọ̀nà wa kì í ṣe ojú ọ̀nà tí èèyàn ń sùn lórí rẹ̀. Nígbà tí lọ́rì bá bọ́ sí kòtò, gbogbo wa á fò sókè lẹ́ẹ̀kan náà, a ó sì padà jókòó sí ibi tó yàtọ̀. Ewúrẹ́ yẹn jókòó lé mi lẹ́sẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. A ń rẹ́rìn-ín, a ń bú awakọ̀, awakọ̀ ń bú ìjọba. Mo rántí pé mo kọrin. Nígbà tí a dé ibi òkìtì, awakọ̀ dẹwọ́, nítorí ó ti mọ́ ọn lára. Bàbá Ọmọ-Mọ́tò gbá ara lọ́rì. "Òkìtì! Ó wà níbẹ̀?"

Mo ké láti orí àpò pé, "Kò wà o! Ẹnu ọjà!"

Mo rí mọ́tò akẹ́rù kékeré kan tó páàkì sí ẹ̀yìn òkìtì lọ́hùn-ún, ìyá kan sì jókòó nínú rẹ̀ tó fi ọwọ́ bo ojú wo lọ́rì wa. Mo juwọ́ sí i. Mo mà juwọ́ sí i o! Títí di òní, tí mo bá rántí pé mo juwọ́, mo máa ń rẹ́rìn-ín títí omi á fi jáde lójú mi.

A dé ẹnu ọjà. Èrò pọ̀, ariwo pọ̀. Àwọn olùrà ti ń sáré tẹ̀ lé wa, wọ́n ń gbá ara lọ́rì, wọ́n ń bèèrè pé, "Kí lẹ kó? Kí lẹ kó?" Mo dìde dúró sórí àpò náà, mo na ọwọ́ méjèèjì sókè. Mo ní, "Tòmáàtì! Apẹ̀rẹ̀ méjìlá! Ó wà o, ẹ dúró!"

Awakọ̀ dúró lóòótọ́. Ó na orí jáde. "Ta ló fẹ́ bọ́?"

"Èmi ni!"

Bàbá Ọmọ-Mọ́tò ṣí ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn. Ó wo ẹrù. Ó wò mí. Ó bi mí jẹ́jẹ́ pé, "Níbo ni apẹ̀rẹ̀ ẹ wà?"

Mo yíjú wo iwájú. Ẹ̀yin èèyàn mi, mi ò rí apẹ̀rẹ̀ kankan. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni mo rí. Lẹ́yìn ọ̀gẹ̀dẹ̀, iṣu. Lẹ́yìn iṣu, èlùbọ́. Lẹ́yìn èlùbọ́, gàrí. Ní ìsàlẹ̀ gbogbo ẹ̀, níbi tí oòrùn kò dé, ni iṣẹ́ oṣù mẹ́ta màmá mi wà.

Bàbá ní, "Ẹni tó kọ́kọ́ kó ẹrù wọlé ló ń kó o jáde kẹ́yìn. Ọkọ̀ ò ní ẹnu méjì."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ àwọn èrò pé kí wọ́n jẹ́ ká kọ́kọ́ já tiwọn sílẹ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ọkùnrin tó ń darí ọkọ̀ lẹ́nu ọjà ti dé pẹ̀lú igi lọ́wọ́, wọ́n ń lu ara lọ́rì. "Ẹ kúrò níbí! Ẹ dí wa lọ́nà! Ẹ kúrò, ẹ kúrò!" Awakọ̀ tẹ iná. Mo ṣì wà ní ìdúró. Mo jókòó lójijì sórí ewúrẹ́, ewúrẹ́ náà sì ké fún àwa méjèèjì.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe gbé mi kọjá ẹnu ọjà, bí arìnrìn-àjò tó sùn kọjá ibi tó ń lọ. Àwọn olùrà tẹ̀ lé wa díẹ̀, ó rẹ̀ wọ́n, wọ́n padà.

Ní gáréèjì, gbogbo èèyàn já ẹrù wọn. Mo ń bá wọn fà á, mò ń bá wọn gbé e, nítorí bí tiwọn kò bá jáde, tèmi ò lè jáde. Kò sí ẹni tó ru ẹrù lọ́jọ́ yẹn tó mi, kò sì sí èyí tó jẹ́ tèmi níbẹ̀. Ìyá onígàrí ní, "O ṣé o, ọmọ mi. Èèyàn dáadáa ni ẹ́." Oòrùn ti mú. Nígbà tí ilẹ̀ lọ́rì mọ́ tán, mo rí apẹ̀rẹ̀ mi, mo gbọ́ òórùn wọn pẹ̀lú. Tòmáàtì tó wà lókè ti ń rọ̀. Omi pupa kán sí pákó, kán-ín kán-ín kán-ín. Àwọn alábàárù ti tẹ̀ lé àwọn tó kọ́kọ́ bọ́ sílẹ̀ lọ. Ìgbà tí wọ́n bá fi padà, tí wọ́n sì ru ìrìn méjìlá láàárín èrò wọ inú ọjà lọ, tí wọ́n ń gbé e kalẹ̀, tí wọ́n ń gbé e rù... Ojú mi kún fún omi. Mo pe màmá mi.

Kò kí mi. Ó ní, "Ta ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ?"

"Kò sí ẹnì kankan. Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, gáréèjì ni mo wà."

Mo gbọ́ tí adìyẹ wa ké lẹ́yìn rẹ̀. Ó ní, "O kọ́kọ́ kó ẹrù."

"Bẹ́ẹ̀ ni mà."

"Padà sí òkìtì."

"Màámi, òkìtì! Ta ló máa rà á níbẹ̀? Àwọn tó ń la gẹdú?"

Ó ní, "Ó lè ti wọ ọjà báyìí. Ṣùgbọ́n tó bá ń padà, ibẹ̀ ló máa gbà. Yára."

"Ta ni?"

Ó pa fóònù.

Ọ̀nà wo ni mo fẹ́ gbà padà sí òkìtì? Mo lọ bẹ awakọ̀. Ó ní àfi ìrọ̀lẹ́, pé òun fẹ́ sinmi, pé ẹsẹ̀ ń dun òun. Mo kúnlẹ̀. Ó ní kí n dìde, pé òun kì í ṣe ọba. Ó gun ẹ̀yìn lọ́rì láti lọ ká okùn tí wọ́n fi so ọ̀gẹ̀dẹ̀ tẹ́lẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀ kan sókè, ó sì tẹ̀ síwájú.

A gbọ́ ọ. Gbogbo gáréèjì gbọ́ ọ. *Faaa!*

Ṣòkòtò fífún náà ya láti ìgbànú dé orúnkún. Ọkùnrin yìí jókòó lójijì sí ilẹ̀ lọ́rì, ó fẹ̀yìn ti apẹ̀rẹ̀ tòmáàtì mi, kò mira mọ́. Àwọn obìnrin tó ń ta omi tútù ti ń na ìka. Bàbá Ọmọ-Mọ́tò kọjú sí ògiri, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Awakọ̀ fi ohùn kékeré kan tí mi ò mọ̀ pé ó ní pè mí pé, "Àǹtí. Ṣé lóòótọ́ ni pé télọ̀ ni ẹ́?"

Ẹ jọ̀ọ́, ta ló sọ pé Ọlọ́run kì í ṣeré? Abẹ́rẹ́ mi kì í kúrò ní etí gèlè mi. Bí wọ́n ṣe kọ́ wa nìyẹn. Òwú dúdú wà nínú pọ́ọ̀sì mi. Mo tú ìró mi òkè, mo jù ú sí i. Mo ní, "Ẹ ró o. Ẹ bọ́ ṣòkòtò. Tí mo bá rán an tán, òkìtì là ń lọ."

Ó ní, "Rán an ná."

Mo ní, "Ẹ kọ́kọ́ ṣáná sí ọkọ̀."

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ṣẹlẹ̀ pé awakọ̀ lọ́rì ró ìró aṣọ àǹkárá olódòdó, ó ń wakọ̀ láàárín ìlú Ìwó, èmi jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ṣòkòtò wà lórí itan mi, mò ń rán an bí ẹni tí wọ́n fi kóndó lé. Tí a bá bọ́ sí kòtò, abẹ́rẹ́ á gún mi, n ó ké. Awakọ̀ náà á ké. Bàbá Ọmọ-Mọ́tò wà lẹ́yìn, ó di apẹ̀rẹ̀ mú, a ń gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ láti ojú fèrèsé. Nígbà tí a kọjá níwájú ẹnu ọjà, ọ̀kan nínú àwọn ọlọ́pàá... rárá, àwọn tó ń fi igi darí ọkọ̀, ó wo awakọ̀, ó ní, "Ẹ kú àárọ̀, màmá." Mo bú sẹ́rìn-ín débi tí mo fi rán ẹsẹ̀ ṣòkòtò mọ́ ara wọn, mo tún tú u.

A dé òkìtì. Kò sí mọ́tò kékeré mọ́. Kò sí ìyá kankan. Eruku gẹdú nìkan ló wà níbẹ̀. Ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu mi.

Awakọ̀ fi ẹ̀yìn lọ́rì rìn títí tó fi kan òkìtì. Ìgbà yẹn ni mo tó rí ohun tí màmá mi ń wí. Ilẹ̀ lọ́rì àti orí òkìtì dọ́gba bí ìgbà tí wọ́n fi okùn wọ̀n ọ́n. Bàbá kò gbé nǹkan kan. Ó ti apẹ̀rẹ̀ àkọ́kọ́ pẹ̀lú ọwọ́ kan, ó yọ̀ sórí yẹ̀pẹ̀, kò mì, tòmáàtì kan kò bọ́. Ní ìwọ̀nba ìgbà tí èèyàn fi ń jẹ àkàrà kan, méjèèjìlá ti wà lórí òkìtì. Lẹ́nu ọjà, wọn ì bá ti ju wọ́n sílẹ̀ láti òkè.

Mo dá ṣòkòtò padà, mo gba ìró mi. Awakọ̀ fi ọwọ́ kan ojú rírán náà, ó ní, "Ó le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ." Wọ́n lọ.

Mo jókòó ti ẹrù mi. Màmá mi ti wí bẹ́ẹ̀, ó kéré tán mo lè ṣe ìyẹn. Mo ka eṣinṣin. Mo bo tòmáàtì pẹ̀lú ewé. Ẹ̀rù ń bà mí gidi. Tí kò bá sí ẹni tó wá, báwo ni mo ṣe fẹ́ wo ojú obìnrin tó fi orúnkún wíwú kúnlẹ̀ bu omi rin tòmáàtì yìí láti ọjọ́ tó ti wà ní ewé méjì?

Mo gbọ́ fèrè. Mọ́tò kékeré àárọ̀ yẹn ló ń ti inú ìlú bọ̀. Ó ń lọ sí ọ̀nà Òṣogbo. Ó rí mi, ó tẹ bíréèkì títí eruku fi bò ó. Ìyá inú rẹ̀ bọ́ sílẹ̀, Àlájà kan tó ní eyín wúrà, ó dá ọwọ́ lé ìbàdí.

"Ìwọ lo juwọ́ sí mi láàárọ̀!"

Mo kúnlẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, èmi ni."

"Ọmọ ẹni òkìtì ni ẹ́? Ìwọ lo kó tòmáàtì mi kọjá níwájú mi, o tún ń juwọ́?" Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. "Wọ́n mà fi ojú mi rí nǹkan lọ́jà o! Ó ti pẹ́ tí mo ti wọ inú ọjà yẹn gbẹ̀yìn. Wọ́n tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Apẹ̀rẹ̀ méjì péré ni mo rí rà, ìdajì ẹ̀ ló sì ti fọ́."

Mo ní, "Ẹ̀yin àti màmá mi..."

"Ibí yìí la ti ń pàdé. Ọkọ̀ tirẹ̀ níhìn-ín, ọkọ̀ tèmi lọ́hùn-ún, òkìtì láàárín. Kì í wọ ọjà, èmi náà kì í wọ ọjà. Kó tó di pé àwọn tó wà lọ́jà rí alábàárù, mo ti ń padà sí Òṣogbo."

Mo wo òṣùká tó wà lọ́wọ́ mi. Ó funfun báláú. Gbogbo ọdún wọ̀nyí! Gbogbo àánú tí ìyá onígàrí ṣe! Obìnrin tí wọ́n ń káàánú pé ó ń ru apẹ̀rẹ̀ méjìlá wọ ọjà, kò ru ọ̀kan rí!

Mọ́tò Àlájà fi ẹ̀yìn sún mọ́ òdìkejì òkìtì, níbi tí yẹ̀pẹ̀ ti rẹlẹ̀ dọ́gba pẹ̀lú ẹ̀yìn rẹ̀. Àwa méjèèjì ti apẹ̀rẹ̀ wọlé sínú rẹ̀, kò sí èyí tó kúrò nílẹ̀. Ó fi ìka tẹ tòmáàtì wò. Ó ní ó ti pọ́n jù, àmọ́ pé àwọn olóúnjẹ tó ń se ọbẹ̀ tà ni òun máa gbé e lọ fún lọ́sàn-án yẹn gan-an, yóò sì tó wọn sè. Ó san owó rẹ̀. Nígbà tó ń wọ mọ́tò, ó ní, "Kí ìyá ẹ. Ní ọjà tó ń bọ̀, má juwọ́ sí mi mọ́. Bọ́ sílẹ̀."

Oòrùn ti kàntàrí kí ọ̀kadà tó gbé mi délé. Màmá mi wà lẹ́nu ọ̀nà, ó na ẹsẹ̀ sórí àpótí. Kò bèèrè tòmáàtì. Kò bèèrè owó. Ó na ọwọ́ gba òṣùká, ó yí i wò níwájú, ó yí i wò lẹ́yìn. Kò sí ìdọ̀tí kan níbẹ̀. Ìgbà náà ló tó gbójú sókè wò mí, tó sì rẹ́rìn-ín àkọ́kọ́ láti àárọ̀.

Mo ní, "Màámi, kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?"

Ó ní, "Lójú ta ni kí n ti sọ ọ́? Lójú onígàrí? Tí ẹlòmíràn kan bá bọ́ sí òkìtì lónìí, mẹ́wàá á bọ́ síbẹ̀ lọ́la, òkìtì á di ẹnu ọjà." Ó fi òṣùká lé mi lórí, ó tẹ̀ ẹ́ kó jókòó dáadáa. "Ó ti rẹ orúnkún mi. Tìẹ ni láti òní lọ."

Inú mi dùn débi tí mi ò lè jẹun. Mo so òṣùká yẹn mọ́ orí máṣíìnì mi, mò ń wò ó bí mo ṣe ń ránṣọ.

Ọjọ́ ọjà tó tẹ̀ lé e, lọ́rì dé. Gbogbo èèyàn ń ti ara wọn. Èmi dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ apẹ̀rẹ̀ mi, mo ká ọwọ́ lẹ́yìn. Awakọ̀ wọ ṣòkòtò tí mo rán. Bàbá Ọmọ-Mọ́tò wò mí, ó fi ọwọ́ fa irùngbọ̀n rẹ̀.

Mo ní, "Ẹ kọ́kọ́ kó tiyín, ẹ̀yin ìyá mi. Èmi ò kánjú."

Ìyá onígàrí dúró. Ó wò mí tìyanu-tìyanu, ó yíjú sí àwọn yòókù. Ó ní, "Ẹ wo ọmọ! Ó ti kọ́ ìwà lára ìyá rẹ̀. Àánú rẹ̀ ṣe mí o, ó máa ru ẹrù yẹn títí wọ inú ọjà."

Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ ṣé mà," mo sì gbé òṣùká funfun lé orí apẹ̀rẹ̀.